Ìránnilétí Tí Kò Ní Di Ìyọnilẹ́nu

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí kan gbogbo ẹni tó bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́: báwo ni a ṣe lè fi ímeèlì rán àwọn ènìyàn létí ìpàdé ọ̀la, tí ọ̀rọ̀ náà kò fi ní bí wọn nínú?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ ìránnilétí di ìyọnilẹ́nu. Lẹ́tà tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìpàdé kì í bíni nínú. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà ẹni tí a kọ ọ́ sí ló ń bíni nínú. "Ẹ má gbàgbé o." "Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ tẹ́lẹ̀." "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí." Ẹ̀sùn ni gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí ń fi kan ẹni tó ń kà wọ́n, pé onígbàgbé ni, tàbí pé kì í tètè dé. Bí ẹni náà bá wá ju akọ̀wé lọ lọ́jọ́ orí, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ẹ wo akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Ìpàdé ìgbìmọ̀ wọn bọ́ sí Sátidé. Ìyá àgbàlagbà kan ni akápò, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwé ìṣirò owó wà. Bí kò bá mú un wá, ìpàdé kò lè yanjú ohunkóhun. Ohun tí akọ̀wé lè kọ sí i ní àárọ̀ Ẹtì rèé:

Subject: Ìpàdé ìgbìmọ̀ lọ́la, Sátidé 14 oṣù Kọkànlá, aago 10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ ìṣirò owó.

A ó pàdé lọ́la ní aago 10 àárọ̀ ní yàrá òkè. Ìròyìn owó láti ọwọ́ yín ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè tètè ráyè lọ. Mo ti fi àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá mọ́ lẹ́tà yìí, kí ẹ má baà máa wá a kiri.

Bí ọ̀la kò bá rọrùn fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tó mi létí kó tó di aago 6 ìrọ̀lẹ́ òní, kí n lè tún ètò ṣe.

Ọmọ yín, akọ̀wé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ "ìránnilétí" kò sí níbẹ̀ rárá. Ọjọ́ àti aago ti wà lójú Subject, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá tilẹ̀ ṣí lẹ́tà náà yóò ti mọ̀ wọ́n. Lẹ́tà náà mú ohun tuntun wá, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ tí a fi mọ́ ọn, nítorí náà kì í ṣe àwítúnwí. A kò sọ fún ìyá pé kí ó mú ìwé rẹ̀ wá; a sọ pé òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ti yé e. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. A sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti sọ pé òun kò ní lè wá, láìsí ìtìjú.

Lẹ́tà rere lè bàjẹ́ nítorí Cc. Bí a bá kọ orúkọ alága síbẹ̀, ìyá yóò rò pé ńṣe ni a ń fi ẹjọ́ òun sùn. Òun nìkan ni kí a fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí. Kí àwọn yòókù gba tiwọn lọ́tọ̀.

Àárọ̀ ni ó dára jù láti fi í ránṣẹ́. Èyí tí a bá kọ ní aago 11 òru, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìpàdé ni wọn yóò kà á. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ bá yín ṣe ìpàdé láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ aago tiwọn mọ́ tiwa. Ní oṣù Kọkànlá, aago 10 wa ni aago 9 wọn. Ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni a jọ ń lò.

Bí aago 6 bá lù tí èsì kò dé ńkọ́? Ẹ má kọ lẹ́tà kejì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìyọnilẹ́nu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ìyá lórí fóònù, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í bóyá àkọsílẹ̀ náà ṣeé ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀.