Plọ́ọ̀tì Kan, Ìṣẹ́jú Márùn-ún: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìkéde Ilẹ̀ Títà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Iṣẹ́ alágbàtà ilẹ̀ ti di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń ṣe mọ́ ẹ̀kọ́ tàbí mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí ó ń polówó rí. Wọ́n fi ìkéde ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, òun náà sì tari rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ìkéde náà kì í gùn: "Plọ́ọ̀tì kan ní Mowé, Èkó. Ìṣẹ́jú 5 sí òpópónà márosẹ̀." Gbólóhùn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò lè gba owó olùrà lọ́nà ẹ̀tàn.

Ẹ jẹ́ kí á mú "plọ́ọ̀tì" ná. Plọ́ọ̀tì kì í ṣe òṣùwọ̀n bí mítà tàbí éékà. Àṣà ibi kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ bí ó ṣe tóbi tó. Ní Èkó, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó jẹ́ plọ́ọ̀tì kan ni ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 120. Èyí jẹ́ bíi mítà onígun mẹ́rin 669. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni wọ́n ń tà ní orúkọ kan náà, èyí kò sì ju bíi mítà onígun mẹ́rin 465 lọ. Orúkọ kan ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n kékeré fi ohun tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ dín sí ńlá.

Ẹ wo bí èyí ṣe ń da ìṣirò rú. Ká ní alágbàtà kan ń ta plọ́ọ̀tì kan ní mílíọ̀nù 4 náírà, tí ẹlòmíràn sì ń ta tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 5 ní àdúgbò kan náà. Ẹni tí kò bèèrè ìwọ̀n yóò sáré sí ti mílíọ̀nù 4. Ṣùgbọ́n bí ti mílíọ̀nù 4 bá jẹ́ 50 sí 100, mítà onígun mẹ́rin kan nínú rẹ̀ ń lọ ní nǹkan bí náírà 8,600. Bí ti mílíọ̀nù 5 bá jẹ́ 60 sí 120, mítà onígun mẹ́rin kan kò tó náírà 7,500. Ilẹ̀ tí wọ́n pè ní olówó pọ́ọ́kú ni ó wọ́n jù.

Ìkéde tí ó tilẹ̀ kọ "60 sí 120" lè máà sọ gbogbo òótọ́. Ilẹ̀ mìíràn fẹ̀ ní iwájú, ó sì sún kì ní ẹ̀yìn. Bí iwájú bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, tí ẹ̀yìn jẹ́ 44, tí ìwájú sí ẹ̀yìn sì jẹ́ 120, bíi mítà onígun mẹ́rin 580 péré ni ilẹ̀ náà. Nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 89 ti wọ inú ìkéde lọ. Nítorí náà, kí ènìyàn wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó má ṣe wọn iwájú nìkan. Lẹ́yìn náà kí ó fa téèpù láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí igun méjì tí ó kù. Bí ilẹ̀ 60 sí 120 bá gún régé, ìdábùú méjèèjì yóò dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ bíi ẹsẹ̀ bàtà 134. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ilẹ̀ náà wọ́. Ìwé tí awọnlẹ̀ yà náà a máa kọ ìwọ̀n ilẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin. Iye yẹn ni ó yẹ kí ó wà nínú ìkéde.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ilẹ̀ wà ni ó kàn. Mowé kì í ṣe Èkó. Inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé ni ó wà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìkéde yóò lọ wádìí ìwé ilẹ̀ ní Ìkejà, nígbà tí ó jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ yẹ kí ó wà. Ìṣẹ́jú márùn-ún náà ńkọ́? Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn kò lè rìn ju nǹkan bí mítà 400 lọ láàárín ìṣẹ́jú 5. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan yóò ti dé kìlómítà 5. Ìkéde kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan yóò rò pé òun yóò máa gbọ́ ariwo ọkọ̀ láti ilé òun, nígbà tí òótọ́ rẹ̀ jẹ́ pé yóò máa san owó ọ̀kadà lójoojúmọ́.

Àwọn kan a máa wí pé olùrà ni ó yẹ kí ó ṣí ojú rẹ̀, àti pé kò sí ẹni tí a fi ipá mú. Lóòótọ́, kí olùrà wádìí dára. Ṣùgbọ́n nínú hádíìsì tí Abú Huraera gbà wá, tí Imam Muslim kọ sílẹ̀, Ànábì kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan tí wọ́n ń tà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì bá ọ̀rinrin nínú rẹ̀. Oníṣòwò náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé e sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú àwọn olùrà níbẹ̀ náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀ tí ó sún kì ni oúnjẹ tútù abẹ́ òkìtì. Ìkéde sì ni òkè òkìtì tí gbogbo ènìyàn ń wò. Ẹni tí ó sì tari ìkéde tí kò wádìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ òun wà nínú bíbo òkìtì náà mọ́lẹ̀.

Báwo wá ni kí ìkéde olóòótọ́ rí? Kí àkọlé rẹ̀ kà báyìí: "Ilẹ̀ títà ní Mowé, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn: mítà onígun mẹ́rin 580." Kí àlàyé abẹ́ rẹ̀ sì wí pé: "Iwájú jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, ẹ̀yìn jẹ́ 44, ìwájú sí ẹ̀yìn jẹ́ 120. Kìlómítà 5 ni sí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kìlómítà 2 tí ó gbẹ̀yìn kò ní ọ̀dà, omi a sì máa dúró níbẹ̀ ní ìgbà òjò." Ó ṣeé ṣe kí owó rẹ̀ dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n hádíìsì Hakiim ọmọ Hizaam, tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim, fi yé ni pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òótọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé, Ọlọ́hun yóò fi alubarika sí òwò wọn. Bí wọ́n bá fi pamọ́ tí wọ́n sì parọ́, a ó nu alubarika rẹ̀ kúrò.

Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó ní ìkéde lọ́wọ́ lónìí kọ́kọ́ gbé téèpù lọ sí orí ilẹ̀ náà kí ó tó tari rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá. Àmín.