Ìdánwò Èdè Fún Kánádà: Máàkì Mẹ́rin Ni Wọ́n Ń Kà

Ẹni tó bá fẹ́ di olùgbé Kánádà nípasẹ̀ Express Entry kò lè torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì kó bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò èdè. Ìjọba Kánádà kò yọ ọmọ orílẹ̀-èdè kankan sílẹ̀: ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe é, ọmọ Ìbàdàn náà ń ṣe é. Àwọn kan ń sọ pé ìwọ̀sí ni. Lójú ìwé ìròyìn yìí, àròyé yẹn kò ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ibòmíràn ni òfò wà: irú ìdánwò tí wọ́n yàn, bí wọ́n ṣe ka èsì rẹ̀, àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ni Express Entry ń gbà: IELTS General Training, CELPIP-General àti PTE Core. IELTS Academic, tí àwọn tó ń wá ilé-ìwé ń ṣe, kò sí lára wọn. Ẹni tó fi Academic wọ yunifásítì, ì báà gba 8 nínú rẹ̀, àfi kó tún òmíràn ṣe. Ìlú Ọba tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi IELTS gba fíìsà òṣìṣẹ́ níbẹ̀ níláti ṣe èyí tó ń jẹ́ IELTS for UKVI, torí náà ẹni tó ń wo orílẹ̀-èdè méjèèjì kò gbọdọ̀ rò pé ìwé èsì kan ṣoṣo yóò sìn ín dé ibi méjèèjì.

Máàkì àpapọ̀, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń yangàn, kò já mọ́ nǹkan kan fún Kánádà. Gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ ni wọ́n ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gbé ìkọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní CLB. Òṣìṣẹ́ tó ń ti òkè òkun bọ̀, lábẹ́ Federal Skilled Worker, gbọ́dọ̀ ní CLB 7 nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn 6.0 nínú IELTS. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Kánádà gan-an lè fi CLB 5 wọlé bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá sí ní ipò ọ̀gá tàbí iṣẹ́ tó ń béèrè dìgírì. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni tiwọn rọrùn jù: CLB 5 fún gbígbọ́ àti sísọ, CLB 4 fún kíkà àti kíkọ.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lásán ni èyí. Ẹni tó wọlé tán yóò bá àwọn mìíràn du ipò pẹ̀lú máàkì, CLB 9 sì ni ibi tí máàkì ti ń fò sókè. Ká mú obìnrin kan tí kò lọ́kọ, tó ní máásítà, tó sì ti ṣiṣẹ́ ìṣirò owó fún ọdún mẹ́rin l'Ékòó. Nínú IELTS, ó gba 7.0 nínú kíkà, kíkọ àti sísọ, ó sì gba 7.5 nínú gbígbọ́. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ CLB 9, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un ní máàkì 31. Gbígbọ́, tó ga jù lójú, CLB 8 péré ni, ó fún un ní 23, nítorí 8.0 ni gbígbọ́ ń béèrè kó tó di CLB 9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 116. Nítorí pé ọ̀kan kò dé CLB 9, máàkì 25 ló rí lórí máásítà rẹ̀, 25 sì lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní ó gba 8.0 nínú gbígbọ́ ni, èdè ì bá di 124, máásítà 50, iṣẹ́ 50. Máàkì 58 ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìdajì òǹkà kan.

Gbígbọ́ yìí sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í múra sílẹ̀ fún, tí wọ́n ń sọ pé àwọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé ohùn náà sáfẹ́fẹ́, ẹni tó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ó pàdánù máàkì rẹ̀ bó tilẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lè tún ìdánwò ṣe, ṣùgbọ́n èsì ìjókòó kan ṣoṣo ni yóò lò. Kò lè mú gbígbọ́ ti òní kó fi kún kíkọ ti àná.

Ọdún méjì ni èsì ń lò. Kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí ènìyàn fi orúkọ sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pé é lọ́jọ́ tó fi ìwé ìbéèrè gan-an ránṣẹ́. Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bí èsì bá jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2024, tí ìwé ìpè sì dé ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2026, ọgọ́ta ọjọ́ tí wọ́n fún ẹni náà yóò parí ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta. Èsì rẹ̀ yóò ti kú ṣáájú ìyẹn, torí náà kó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ 10 tó pé. Ẹni tí tirẹ̀ kù díẹ̀ kó tán, tí ìwé ìpè kò sì tíì dé, kó tètè tún ìdánwò ṣe, kó sì fi èsì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀.