Ìwé Ìbéèrè Tó Ń Dúró: Ọwọ́ Ta Ló Wà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni.

Opó kan ní Ìnísà kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ wa, ó ní kí a ran òun lọ́wọ́ nínú owó iṣẹ́ abẹ ọmọ òun. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Akọ̀wé ní Ìnísà ní òun ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ìkìrun. Ìgbìmọ̀ ní Ìkìrun ní àwọn ti fọwọ́ sí i, àwọn sì ti fi ránṣẹ́ sí akápò ní Òkukù. Akápò ní òun kò fi ojú kàn án. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àhesọ ti ń lọ pé akápò ti jẹ owó opó. Nígbẹ̀yìn, inú àpò Bíbélì ẹni tí a rán níṣẹ́ láti Ìkìrun ni a ti rí ìwé náà. Ó gbàgbé ni. Kò sí ẹni tó jalè, ṣùgbọ́n ọmọ jẹ ìrora lásán, a sì ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́.

Ẹ má sọ pé a kò ní ìwé àkọsílẹ̀. A ní in. Àyè kan wà nínú rẹ̀ tí a pè ní “Ibi tí ọ̀rọ̀ dé.” Nígbà tí ìwé opó yìí dé, a fi pẹ́ńsùlù kọ “ó ń dúró” síbẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, a pa á rẹ́, a kọ “a ti fọwọ́ sí i.” Àṣìṣe wa gan-an nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé lónìí yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Ìgbàkígbà tí a bá pa ti àná rẹ́ kí a tó kọ ti òní, ipasẹ̀ ni a ń gbá dànù.

Nítorí náà, ìwé tuntun tí a fẹ́ lò kò ní àyè tí a ń pa rẹ́. Ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yóò gba nọ́ḿbà lọ́jọ́ tí ó bá dé. Lẹ́yìn náà, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe sí i yóò gba ìlà tirẹ̀ lábẹ́ nọ́ḿbà náà: ọjọ́ àti aago, ohun tí a ṣe, orúkọ àti ìfọwọ́sí ẹni tó ṣe é, ìdí tí ó fi ṣe é, àti ọwọ́ ẹni tí ìwé kù sí báyìí. Bí a bá dá ìwé dúró, ìlà kan nìyẹn. Bí a bá dín iye owó kù, ìlà kan nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe àṣìṣe, kí ó fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀ kí a ṣì lè kà á, kí ó sì kọ èyí tó tọ́ sí ìlà tuntun. Bíró ni a ó máa lò, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. A ó sì ti kọ nọ́ḿbà sí gbogbo ojú ewé ṣáájú, kí ẹni tó bá ya ewé kan má baà rí ibi fi pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé opó yẹn dán an wò. Ká ní òun ni ìwé kẹrìnlá láti Ìnísà, nọ́ḿbà rẹ̀ yóò jẹ́ ÌN 14. Ìlà kìíní: 3 Oṣù Kẹta, akọ̀wé Ìnísà gbà á, ₦60,000 ni a béèrè. Ìlà kejì: 5 Oṣù Kẹta, a fi í ránṣẹ́ sí Ìkìrun. Ìlà kẹta: ọjọ́ yẹn kan náà, Ìkìrun gbà á. Ìlà kẹrin: 12 Oṣù Kẹta, ìgbìmọ̀ ní kí a mú ìwé wá láti ilé ìwòsàn. Ìlà karùn-ún: 19 Oṣù Kẹta, ìwé ilé ìwòsàn dé. Ìlà kẹfà: 20 Oṣù Kẹta, a fọwọ́ sí ₦40,000 nítorí pé iye tó kù nínú àpò nìyẹn. Ìlà keje: 21 Oṣù Kẹta, a fi í ránṣẹ́ sí Òkukù nípasẹ̀ arákùnrin báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan mọ́.

Ṣé ẹ rí i? “A fi ránṣẹ́” gbọ́dọ̀ ní “a gbà á” gẹ́gẹ́ bí ìkejì rẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń kọ ọ̀kan, ẹni tó gbà á ló ń kọ èkejì. Níbi tí ọ̀kan bá ti wà láìsí èkejì, àárín àwọn méjèèjì ni kí a lọ wò. Ní ọjọ́ kejì ni à bá ti bi arákùnrin yẹn léèrè, ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ akápò.

Ohun kejì ni pé orúkọ ara ẹni ni kí oníkálùkù kọ. Kí akọ̀wé má fọwọ́ sí i fún alága, kí a má sì kọ “ìgbìmọ̀” nìkan. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé Ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi nítorí ìṣirò owó tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Họ́ráísọ̀n gbé jáde. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ní oṣù Kejìlá 2019, ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ẹ̀rọ náà ní àléébù, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè wọlé láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n fi nǹkan kún ìṣirò alábòójútó láìjẹ́ pé ó mọ̀, kí ó sì dà bí ẹni pé òun ló ṣe é. Ó di 2024 kí òfin tó fagi lé ọ̀pọ̀ ìdálẹ́bi wọ̀nyẹn. Ipasẹ̀ tí kò fi ọwọ́ ẹni tó ṣe nǹkan hàn lè ran aláìṣẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n.

Ohun kẹta ni ibi tí a ó tọ́jú ìwé sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìkìrun, tàbí Odò-Ọ̀tìn ní Òkukù, mọ bí a ti ń kọ̀wé sínú fáìlì: ọ̀gá kan kọ tirẹ̀, ó fọwọ́ sí i, èyí tó kàn kọ tirẹ̀ sábẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n bí fáìlì bá sọnù, gbogbo ipasẹ̀ bá a lọ. Nínú ìwé Ẹ́sírà orí karùn-ún àti ìkẹfà, nígbà tí Tátínáì béèrè ẹni tó fún àwọn Júù láṣẹ láti kọ́ tẹ́ńpìlì, Bábílónì ni wọ́n ti wá ìwé àṣẹ Kírúsì, ṣùgbọ́n Ákímẹ́tà, ní ilẹ̀ Mídíà, ni wọ́n ti rí i. Ká ní kò sí ní ibòmíràn, iṣẹ́ Ọlọ́run ì bá dúró. Nítorí náà, ìwé ìrànlọ́wọ́ yóò máa rìn, ṣùgbọ́n ìwé ipasẹ̀ kò ní bá a rìn. Ìlú kọ̀ọ̀kan yóò ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù, àwọn akọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò pàdé, wọn yóò sì fi ìwé wọn wé ara wọn ní ìlà dé ìlà.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé yìí kò lè ṣe. Kò lè sọ bóyá òótọ́ ni ìdí tí ẹnì kan kọ. Bí a bá jókòó ní ọjọ́ kan kọ ìlà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀, irọ́ ni yóò jẹ́. Ẹ ó sì mọ̀ ọ́n nígbà tí bíró kan náà àti ọwọ́ kan náà bá ń tẹ̀ lé ara wọn, tí aago kò sì yí padà. Kò sì yẹ kí ó di ibi tí a ó ti máa ka àìsàn ọmọlàkejì. Nọ́ḿbà àti iye owó nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ ilé wọn yóò wà nínú ìwé ìbéèrè tí a tì pa.

Bí ẹ bá mú ìwé wá, ẹ gba nọ́ḿbà yín kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé. Ìgbàkígbà tí ẹ bá sì wá béèrè, ẹ ní ẹ̀tọ́ kí a ka gbogbo ìlà tó wà lábẹ́ nọ́ḿbà náà sí yín létí. Bí ìlà tó kẹ́yìn bá ti ju ọjọ́ méje lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi. Ọmọ tó ń jẹ ìrora ni ẹ ń gbẹnu sọ fún.