“Brought Forward” Kì í Ṣe “Wọ́n Sún Un Síwájú”

Ìyá kan ní Èjìgbò fẹ́ wọ bàálù lọ Àbíjàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ dé: “Your flight has been brought forward from 14:30 to 11:15.” Ọ̀kan nínú wa túmọ̀ rẹ̀: “Wọ́n ti sún un síwájú.” Ìyá ní àyè ṣì wà nìyẹn. Bàálù ì bá já a sílẹ̀!

Lójú tiwa, aago gan-an ló yẹ ká máa sọ: “Kì í ṣe méjì ààbọ̀ ọ̀sán mọ́, mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀ ni.”

Bó bá jẹ́ “cancelled”, òfin Nàìjíríà ní kí èrò yàn: owó rẹ̀ tàbí bàálù mìíràn. Ká ṣàlàyé èyí kó tó tẹ “Accept”.