Iná nìkan kọ́ ló ń lé májèlé inú ẹ̀gẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ti sú mi. Àwọn kan ní irọ́ ni pé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé, pé àwọn jẹ ẹ́ lóko bàbá àwọn, nǹkan kan ò ṣe àwọn. Àwọn kejì ní májèlé ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti rí iná, ó parí. Tiwọn ló léwu jù, torí ó jọ òótọ́.

Lóko bàbá yín, ẹ̀gẹ́ tó dùn lẹ jẹ, bóyá ègé kékeré kan. Májèlé ń bẹ nínú òun náà, kò kàn pọ̀ tó ti ẹ̀gẹ́ kíkorò ni.

Ohun méjì ló wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀gẹ́: lìnámárìn, àti èròjà kan tó ń tú u. Tí a bá rin ẹ̀gẹ́, tàbí tó rà nínú omi, wọ́n á pàdé, sáyánáìdì á sì jáde. Òun ló ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ooru Àbújá yìí tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ tó ń fò lọ. Ṣebí ohun tí àwọn tó ń ṣe gààrí ń ṣe nìyẹn? Wọ́n á rin ín, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan, omi rẹ̀ á ro dànù, wọ́n á wá yan án.

Tí ẹ bá wá ju ẹ̀gẹ́ kíkorò odindi sínú omi gbígbóná ńkọ́? Iná á tètè pa èròjà tó ń tú u, lìnámárìn á sì wà níbẹ̀ digbí. Inú ikùn yín ni yóò ti wá tú. Ìdí nìyẹn tí sísè fi jẹ́ ti ẹ̀gẹ́ dídùn: ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi omi púpọ̀ sè é, ẹ da omi náà nù.

Ẹni tó bá ní iná ti tó, kó wo Kàsésè ní Ùgáńdà, oṣù kẹsàn-án 2017. Òkèlè tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ rò lórí iná, bí àmàlà láfún wa gẹ́lẹ́, ni wọ́n jẹ. Èèyàn 98 ló ṣàìsàn, àwọn tó wá síbi ìsìnkú kan wà lára wọn. Èèyàn 2 kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ìyẹ̀fun náà wò, sáyánáìdì inú rẹ̀ tó mílígíráámù 88 nínú kílò kan. 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láyè.

Ẹ wá wo láfún tí à ń rà lọ́jà níbí. Ó yẹ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti rà lómi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́, títí tí yóò fi fọ́ tí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń kánjú a máa gé e, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, ó parí. Ó máa ń funfun, ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Imú ló lè fura: láfún tó rà dáadáa máa ń rùn kíkan díẹ̀. Tí ẹ ò bá gbọ́ òórùn yẹn rárá, ẹ bi ẹni tó tà á léèrè ọjọ́ tó fi rẹ ẹ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́ tán tó ń bì, tí òyì ń kọ́ ọ, tí orí ń fọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó máa fún un ní epo pupa mu. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá, kẹ́ ẹ sì mú ìyẹ̀fun tó kù dání.