Páńẹ́lì Sólà àti Owó Ibodè: Ìbéèrè Mẹ́ta Tó Ń Pinnu Iye Tí À Ń San

Owó epo jẹnẹrétọ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé àti jámáà máa dá owó jọ láti ra sólà. Ẹ jẹ́ ká mú jámáà mọ́sálásí kan ní Ìwó ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì fẹ́ ra páńẹ́lì 40 tààrà láti Ṣáínà kí owó tó dínkù. Ajẹ́ńtì kan sọ fún wọn pé àwọn aṣọ́bodè kì í gba owó ibodè lórí páńẹ́lì. Òmíràn ní wọ́n máa ń gbà á. Ẹnìkan tún gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ rà á ní Kútọnu, torí pé Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ wà nínú ECOWAS. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìbéèrè mẹ́ta ni aṣọ́bodè máa ń bi ọjà: Èló ni? Kí ni? Níbo ni wọ́n ti ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èló. Iye tí a kà sí ọjà lọ́rùn ní ibodè ju iye tí a san fún ẹni tó tà á lọ. Nàìjíríà máa ń fi owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò kún un. Ká ní páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 100. Ogójì rẹ̀ jẹ́ dọ́là 4,000. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ dọ́là 950, tí adójútòfò sì jẹ́ dọ́là 50, gbogbo rẹ̀ di dọ́là 5,000. Bí a bá ṣírò dọ́là kan ní náírà 1,500, iye ọjà náà di náírà 7,500,000. Orí èyí ni wọn yóò ti yọ owó ibodè.

Iye tí a san gan-an ló yẹ kí aṣọ́bodè kọ́kọ́ wò, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn àjọ ìṣòwò àgbáyé ṣe wí. Ṣùgbọ́n bí iye inú ìwé bá kéré jù, tí ẹni tó ni ọjà kò sì rí ẹ̀rí ìsanwó fi tì í lẹ́yìn, aṣọ́bodè lè kọ̀ ọ́. Nígbà náà, wọn yóò wo iye tí irú ọjà kan náà fi wọlé láìpẹ́, tàbí iye ọjà tó jọ ọ́. Ká ní wọ́n sọ pé dọ́là 120 ni páńẹ́lì kan. Gbogbo rẹ̀ yóò di dọ́là 5,800, ìyẹn náírà 8,700,000.

Ìbéèrè kejì ni ajẹ́ńtì méjì náà ń jà lé lórí láìmọ̀: kí ni ọjà yìí? Gbogbo ọjà ayé ló ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ bákan náà ni fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àjọ àwọn aṣọ́bodè àgbáyé ní Brussels ló ń tò ó. Nàìjíríà ń lo nọ́ńbà mẹ́wàá. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ ìpele owó tí ọjà yóò san nínú ìwé owó ibodè ECOWAS, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2015. Ìpele náà márùn-ún ni: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú 100.

Páńẹ́lì tó kàn ń sọ oòrùn di iná wà lábẹ́ 8541, kò sì san owó ibodè. Ẹ̀rọ amúnáwá wà lábẹ́ 8501, ó sì ń san 5 nínú 100. Ní 2018, àwọn oníṣòwò sólà ní Nàìjíríà figbe ta pé wọ́n ń ka páńẹ́lì wọn sí ẹ̀rọ amúnáwá, wọ́n sì ń gba 5 nínú 100 lórí rẹ̀. Ohun tó fà á ni dáódù, ohun kékeré tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀yìn páńẹ́lì kí iná má baà gba ibi tí kò yẹ. Ìwé àlàyé àjọ àgbáyé fúnra rẹ̀ fi ìyàtọ̀ hàn. Bí páńẹ́lì bá ní dáódù, tí ó sì ń gbé iná rẹ̀ tààrà fún mọ́tò tàbí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí a so ó pọ̀ mọ́ bátìrì àti ẹ̀rọ ìdarí iná, ó di ẹ̀rọ amúnáwá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, páńẹ́lì lásán ni. Ní 2022, wọ́n tún fún páńẹ́lì ní nọ́ńbà tirẹ̀ kedere: 8541.43.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún jámáà wa. Lábẹ́ 8541, owó ibodè jẹ́ òdo, ì báà jẹ́ dọ́là 100 ni wọ́n ka páńẹ́lì sí tàbí 120. Lábẹ́ 8501, ó di náírà 375,000, tàbí 435,000 bí wọ́n bá gbé iye sókè. Àríyànjiyàn lórí iye fa ìyàtọ̀ náírà 60,000. Àríyànjiyàn lórí nọ́ńbà fa 375,000. Àwọn owó mìíràn bí owó orí ọjà kò sí nínú ìṣirò yìí.

Ìbéèrè kẹta ni ti Kútọnu. Nínú ECOWAS, ọjà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ wa níhìn-ín lè wọlé láìsan owó ibodè. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ra ọjà yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Páńẹ́lì Ṣáínà tó gba Kútọnu kọjá, ti Ṣáínà ló ṣì jẹ́. Owó tí a bá sì san fún ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò ní kí Nàìjíríà má gba tirẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀.

Bátìrì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí 20 nínú 100 ni tirẹ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní Gánà ra ọmọ bátìrì lítíọ́mù láti òkèèrè, ó sì tò wọ́n pọ̀ di bátìrì ńlá. Ṣé ti Gánà ni? Òfin ní kí nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ yí padà. Kò yí padà, nítorí 8507 ni ọmọ bátìrì, 8507 náà sì ni èyí tí wọ́n tò pọ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tó 30 nínú 100 iye tí ọjà fi jáde ní ilé iṣẹ́. Bí bátìrì bá jáde ní náírà 1,000,000, kí ohun tí wọ́n fi kún un níbẹ̀ tó 300,000. Lẹ́yìn èyí, ECOWAS gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ilé iṣẹ́ àti ọjà náà, kí ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é sì tẹ̀ lé ẹrù. Láìsí ìwé yìí, bátìrì náírà 3,000,000 yóò san 600,000.

Nítorí náà, kí jámáà tó san owó fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n béèrè nọ́ńbà tí ajẹ́ńtì fẹ́ kọ. Kí ìwé ọjà sọ pé páńẹ́lì lásán ni, kí bátìrì ní ìlà tirẹ̀, kí ìwé àlàyé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí ìsanwó báńkì. Òfin aṣọ́bodè ti 2023 tún fàyè gba oníṣòwò láti kọ̀wé béèrè ìpinnu lórí nọ́ńbà kí ẹrù tó gbéra. Èyí sàn ju kí ẹrù ti dé Àpápá ká tó máa jiyàn, nítorí ojoojúmọ́ tí ó bá fi wà níbẹ̀ ni owó ìdádúró ń gorí ara wọn. Bí ajẹ́ńtì bá sọ pé kò sí nọ́ńbà tí òun lè sọ, tàbí pé Kútọnu ti tán gbogbo ìṣòro, ẹ di owó jámáà mú ná.