Ara ò yá, o ò lè wá síbi iṣẹ́: gbólóhùn mẹ́rin ti tó

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí. Ara ẹ ò yá, o fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé o ò ní wá lónìí. Kí ló wá dé tó o fi ń kọ ìtàn?

2/ Ká ní ọmọbìnrin kan ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Èrúwà. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí, ọwọ́ ẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún ìdájí, ara ẹ̀ ti gbóná, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa kọ rèé:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ojúmọ́ mà, ẹ kú ìtọ́jú wa mà. Ẹ má bínú mà, látìgbà tí mo ti jẹ àmàlà àti ìlasà lálẹ́ àná ni inú mi ti ń..."

3/ Ìkíni nìkan ni ọ̀gá máa rí lójú fóònù kó tó ṣí i. Tó bá wá kà á tán, kò tíì mọ ẹni tó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí àlàyé bá sì ti pọ̀ jù, ìfura ló ń bí.

4/ Ohun tó yẹ kó tẹ̀ ní kété tó ti rí i pé òun ò lè lọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ara mi ò yá, mi ò ní lè wá síbi iṣẹ́ lónìí. Àbúrò mi máa mú kọ́kọ́rọ́ wá fún yín kó tó di aago méje ààbọ̀. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá màá lè wá lọ́la."

Ó tán. Kò béèrè "ṣé kí n ṣì máa bọ̀ ni mà?" Kò sì pè é ní ibà, torí kò tíì ṣe àyẹ̀wò.

5/ Àwọn kan á ní ìwọ̀sí ni, pé pípè ló yẹ. Tí ọ̀gá bá ní pípè lòun fẹ́, pè é. Ṣùgbọ́n tẹ̀ ẹ́ náà, torí àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń fi aago tó o sọ̀rọ̀ hàn. Ìkíni kan àti "mà" ti gbé ọ̀wọ̀ yẹn. Èyí tó kù, iṣẹ́ ni.

6/ Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ìwé dókítà o. Abala 16 òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 lọ́dún tó bá ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n dókítà tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Torí náà, yálà Igbó-Ọrà lo wà tàbí Èrúwà, tó o bá dé ọsibítù, gba ìwé kó o tó kúrò níbẹ̀. Òfin yìí ò ka àwọn alábòójútó àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mọ́ "òṣìṣẹ́". Tó o bá wà lára wọn, ìwé àdéhùn iṣẹ́ ẹ ni kó o yẹ̀ wò.

7/ Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, gbé fóònù sílẹ̀, kó o lọ sùn. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin tó o dá o, má jẹ́ kó kọjá.